Ìda Ló Ń Ṣáájú Idẹ: Bí Orí Idẹ Ṣe Ń Ti Inú Amọ̀ Jáde

Orí idẹ mẹ́ta ló wà lórí pákó kan ní ẹ̀yìn ilé ìṣẹ́ alágbẹ̀dẹ idẹ kan ní Òpópónà Igun, ní ìlú Bìní. Kò sí èyí tó pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkíní lu ihò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ihò náà sì gba àtàǹpàkò. Èkejì rẹwà láti àtàrí dé àgbọ̀n, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò parí. Ẹ̀kẹta pé lójú, àmọ́ gbogbo iwájú orí rẹ̀ ló kún fún ihò wínníwínní, bí igi tí kòkòrò ti jẹ. Mo rò pé ńṣe ni wọ́n kó wọn síbẹ̀ kí wọ́n tó yọ́ wọn padà. Baba tó ni ilé ìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé Èkó fún ọdún púpọ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Ó ní, "Ìwé ni wọ́n, ọmọ mi. Ọmọkùnrin mi yìí ló dà wọ́n. Kò ní da ẹ̀kẹrin títí yóò fi ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mi létí."

Ọmọkùnrin náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹwìrì, ó dorí kodò. Mo gbọ́ pé owó ara rẹ̀ ló fi ra idẹ tí yóò fi da ẹ̀kẹrin: ẹnu ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ àti àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n ti jù nù. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ fún un pé títí orí kan yóò fi jáde ní pípé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ níbẹ̀, kí n lè rí ẹ̀kẹrin láti orí amọ̀ títí dé orí idẹ.

Ọ̀nà tó so Ifẹ̀ mọ́ Bìní

Kí ló gbé ọmọ Yorùbá dé Òpópónà Igun? Ìtàn àwọn ará Bìní fúnra wọn ni. Wọ́n ní Ọba Ogúọlá ló ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni Ifẹ̀ pé kí ó fi ẹni tó mọ idẹ í dà ránṣẹ́ sí òun, kí iṣẹ́ náà lè di ti Bìní. Igueghae ni orúkọ ẹni tí wọ́n ní ó ti Ifẹ̀ wá. Àwọn ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ idẹ tí wọ́n ń pè ní Igun Eronmwon ṣì ń bọlá fún un títí di òní.

Ní Ilé-Ifẹ̀ pàápàá, ọdún 1938 ni àwọn tí ń wa ilẹ̀ fún ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ṣèèṣì kan àwọn orí idẹ nínú ilẹ̀. Ó lé ní mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tó orí ènìyàn gan-an. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé inú wọn ṣófo, ara wọn sì fẹ́lẹ́. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa nìyẹn: báwo ni ènìyàn ṣe ń da irin gbígbóná sínú amọ̀ tí yóò fi di orí tó ṣófo nínú, tí ara rẹ̀ kò ju mìlímítà mélòó kan lọ, tí ó sì ní ètè, ìpéǹpéjú àti ilà ojú?

Ìdáhùn rẹ̀ ni ìda, ìyẹn èyí tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí a bá fún oyin kúrò nínú afárá rẹ̀. A óò fi ìda ṣe orí náà, a óò fi amọ̀ bò ó, a óò fi iná lé ìda jáde, a óò sì da idẹ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo fi sọ ọ́ yẹn, ṣùgbọ́n orí mẹ́ta tó wà lórí pákó fi hàn pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Amọ̀ inú

Amọ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin náà gún amọ̀ pupa, ó sẹ́ ẹ, ó pò ó mọ́ iyanrìn, ó sì fi ẹ̀lú èédú àti èèpo ìrẹsì sí i. Mo bi í léèrè ohun tí èèpo ìrẹsì ń ṣe nínú rẹ̀. Ó ní bí iná bá dé ibẹ̀, èèpo náà yóò jóná, yóò sì fi àwọn ihò tóóró sílẹ̀ nínú amọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi gbà. Ó tún máa ń jẹ́ kí amọ̀ náà rọ̀ díẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé idẹ máa ń súnkì bó bá ń tutù. Bí amọ̀ tó wà nínú rẹ̀ bá le bí òkúta, tí kò gbà fún un, ńṣe ni idẹ yóò sán.

Ó fi amọ̀ náà mọ orí kan tó kéré díẹ̀ sí orí tí ó fẹ́ ṣe. Kò ní ojú, kò ní etí, kò sì ní ètè. Ìrísí orí lásán ni, pẹ̀lú ibi tí imú yóò wà tó yọ díẹ̀. Èyí ni mo ń pè ní amọ̀ inú. Òun ni yóò gba àyè tí yóò ṣófo nínú orí idẹ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi sá a. Lójoojúmọ́ ni ọmọkùnrin náà ń fi amọ̀ tútù dí ibi tó bá sán.

Ta ló nílò àyè tó ṣófo nínú orí idẹ? Mo rò pé kí idẹ má baà pọ̀ jù ni. Baba ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà. Bí idẹ bá nípọn níbì kan tó sì fẹ́lẹ́ níbòmíràn, èyí tó fẹ́lẹ́ yóò kọ́kọ́ tutù, èyí tó nípọn yóò sì máa fà á bó bá ń súnkì. Ibẹ̀ ni ojú orí yóò ti wọ inú tàbí kí ó ya. Bí ara orí bá dọ́gba yíká, yóò tutù ní ìdọ́gba.

Ìda

Nígbà tí amọ̀ inú gbẹ dénú, ìda ló kàn. Wọ́n yọ́ ọ, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ìgò yí i lórí pákó tó tutù fún omi títí ó fi di pẹlẹbẹ. Ọmọkùnrin náà gún un wò ní ibi púpọ̀ láti rí i pé ó nípọn tó mìlímítà mẹ́rin níbi gbogbo. Ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀ inú, ó ń fi ọ̀bẹ gbígbóná so etí kan mọ́ èkejì.

Lẹ́yìn náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í di orí. Ó fi ìda kún imú, ó fi ìka gbé ètè sókè, ó fi igi ṣóńṣó fa ìpéǹpéjú. Ó yí ìda bí òwú láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń tò wọ́n. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló lò lórí rẹ̀. Mo rí Baba tó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, tó wò ó fún ìgbà pípẹ́, tó sì fi èékánná tọ́ka sí ibi kan ní ẹ̀yìn etí. Ìlà ìka ọmọkùnrin náà ló wà níbẹ̀.

Ó ní, "Nù ún. Bí o bá fi í sílẹ̀, idẹ á fi í hàn fún ọmọ ọmọ rẹ."

Ohun tó ń sọ kì í ṣe àwàdà. Gbogbo ohun tó bá wà lára ìda ni amọ̀ yóò gbà, gbogbo ohun tí amọ̀ bá sì gbà ni idẹ yóò mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ọwọ́ kò bá ṣe sí ìda, iná kò ní bá a ṣe é sí idẹ.

Kí wọ́n tó fi amọ̀ bo orí náà, iṣẹ́ méjì ṣì kù, àwọn méjèèjì ni kò sì ní ẹwà kankan. Àkọ́kọ́ ni ìṣó. Ọmọkùnrin náà gba ìṣó irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ wọ inú ìda títí wọ́n fi wọ amọ̀ inú, ó sì jẹ́ kí ìdajì ìṣó kọ̀ọ̀kan yọ síta. Baba wá sọ fún un pé kó ka ìwé àkọ́kọ́.

Ọmọkùnrin náà gbé orí tó lu ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wá. Ó fi ìka mi bọ inú rẹ̀ láti ọrùn. Etí ihò náà fẹ́lẹ́ bí abẹ. Ó ní kí n wá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún: ó nípọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ibi tó kù. "Ìṣó mẹ́ta péré ni mo lò. Nígbà tí ìda jáde tán, kò sí ohun tó di amọ̀ inú mú, ó sì fì sí òsì. Ibi tó fì sí kò ní àyè fún idẹ mọ́, ibi tó fì kúrò sì gba ìlọ́po méjì." Bí ẹ bá rí orí idẹ tó lu, tí ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ sì nípọn ju bó ti yẹ lọ, ẹ mọ̀ pé amọ̀ inú rẹ̀ ló yẹ̀. Irin kì í yọ́ nínú iná tó ń yọ́ idẹ, nítorí náà ìṣó ni yóò máa di amọ̀ inú mú nígbà tí kò bá sí ìda mọ́.

Iṣẹ́ kejì ni ọ̀nà. Wọn kì í da orí sí òkè. Orísun idẹ wà ní ọrùn, àtàrí sì wà ní ìsàlẹ̀. Ó fi ìda yí okùn mẹ́rin tó nípọn bí ìka, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ etí ọrùn, ó sì pa gbogbo wọn pọ̀ sí ẹnu kan tó dà bí àdó. Ìyẹn ni idẹ yóò gbà wọlé. Ó tún fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àgbọ̀n àti etí méjèèjì. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ àgbọ̀n? Ó dojú orí náà dé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi hàn mí pé bí orí bá dojú dé, àgbọ̀n di òkè kékeré kan. Bí idẹ bá ń gòkè bọ̀ láti àtàrí, afẹ́fẹ́ yóò sá lọ síbẹ̀, kò sì ní rí ibi jáde. Bí kò bá rí ibi jáde, orí náà kò ní ní àgbọ̀n.

Amọ̀ òde

Ìpele àkọ́kọ́ amọ̀ òde ṣàn bí ògì. Wọ́n ti sẹ́ amọ̀ náà pẹ̀lú aṣọ, ọmọkùnrin náà sì ń fi ìyẹ́ adìẹ kùn ún sínú ojú, sínú etí, sí àárín ìlẹ̀kẹ̀, kí afẹ́fẹ́ kankan má baà há síbẹ̀. Ihò afẹ́fẹ́ kan nínú ògì amọ̀ yìí yóò di kókó idẹ lórí ojú. Lẹ́yìn tí èyí gbẹ ni ìpele kejì tó ki díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta tó ní iyanrìn àti èèpo ìrẹsì nínú, títí orí fi pòórá, tí ó sì di odindi amọ̀ róbótó tó tó ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n fi wáyà irin dì í yíká.

Abẹ́ ibòji ni wọ́n sá gbogbo ìpele yìí sí, kì í ṣe inú oòrùn. Ìda máa ń yọ́ tó bá gbóná dé nǹkan bíi dígírì 64, ṣùgbọ́n ó ti ń rọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Bí oòrùn bá mú un kí amọ̀ òde tó le, ojú orí yóò yẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fọ́ amọ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò. Ọmọkùnrin náà fẹ́ kí ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n Baba na ọwọ́ sí orí kẹta.

Ó gbé orí tó kún fún ihò wínníwínní náà wá, ó sì kà á. "Amọ̀ ṣì tutù nínú. Òde gbẹ, mo rò pé inú gbẹ. Nígbà tí idẹ wọlé, omi di ooru, ooru sì gba àárín idẹ kọjá." Omi díẹ̀ tó bá di ooru máa ń fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ. Ihò wínníwínní ló ní oríire. Nígbà mìíràn amọ̀ náà yóò bú gbàmù, idẹ gbígbóná yóò sì ta sí ènìyàn lára. Baba fi apá ọ̀tún rẹ̀ hàn mí. Àpá iná kan wà níbẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Kò sọ ìtàn rẹ̀, èmi náà kò sì béèrè.

Ìwọ̀n

Orí kejì, èyí tí ọrùn rẹ̀ kò parí, ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ kí wọ́n tó dá iná. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ máa ń wọn ìda kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó. Ìdí ni pé idẹ wúwo ju ìda lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án. Àyè tí kìlógíráàmù kan ìda gbà, kìlógíráàmù mẹ́sàn-án idẹ ni yóò kún un. Ìda orí kejì jẹ́ kìlógíráàmù kan. Ọmọkùnrin náà kó kìlógíráàmù mẹ́sàn-án àlòkù sínú ìkòkò, ó sì rò pé ó tó.

Kò tó. Àlòkù kì í ṣe idẹ gidi látòkèdélẹ̀. Rọ́bà wà nínú rẹ̀, ìpẹtà àti èérí wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ló di ìfófòó tí wọ́n bù dànù. Díẹ̀ lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò, díẹ̀ sì tutù mọ́ ojú ọ̀nà. Nígbà tí ohun tó kù wọlé, ó kún láti àtàrí bọ̀, ó sì dúró ní ìka méjì sí etí ọrùn. Mo fọwọ́ kan etí náà. Kò mú bí ti ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́; ó yí kọ́ḿbọ́, ó sì dán bí etí omi lórí ewé kókò. Ìyàtọ̀ tí wọ́n fi ń mọ àìsàn méjèèjì nìyí: etí tó fẹ́lẹ́ tó sì mú jẹ́ ti amọ̀ inú tó yẹ̀, etí tó yí kọ́ḿbọ́ jẹ́ ti idẹ tó tán tàbí tó tutù sójú ọ̀nà.

Ìda ẹ̀kẹrin, pẹ̀lú gbogbo okùn àti ẹnu rẹ̀, jẹ́ kìlógíráàmù kan àti ìdá márùn-ún kan, ìyẹn 1.2. Bí a bá fi 9 sọ ọ́ di púpọ̀, 10.8 ni. Ọmọkùnrin náà wọn kìlógíráàmù 14 sínú ìkòkò. Ó ní kì í ṣe nítorí èérí nìkan. Idẹ tó bá kún ẹnu títí ni yóò máa tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀, yóò sì máa wọlé sí i bó bá ń súnkì.

Iná

Òru ni wọ́n dá iná náà, kí ojú lè rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Wọ́n kọ́kọ́ dojú ẹnu amọ̀ dé lórí iná tí kò le. Ìda bẹ̀rẹ̀ sí í kán tótó, ó sì ṣàn sínú abọ́ omi. Wọn yóò tún un lò. Èyí tó ti fà mọ́ ara amọ̀ jóná, èéfín dúdú sì tú jáde. Wọ́n wá mú iná náà le. Baba kò wo aago. Ó ń wo inú ẹnu amọ̀ náà. Nígbà tí èéfín dá, tí ẹ̀lú dúdú tó wà ní ẹnu rẹ̀ jó kúrò, tí inú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹyin iná, ó mi orí. Amọ̀ inú ni ó máa ń gbẹ kẹ́yìn, ó sì ṣòro láti rí. Ìpọ́n ẹnu yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn ti gba ipò ẹwìrì, idẹ sì ti ń yọ́ nínú ìkòkò láàárín èédú. Èéfín funfun ń jáde lójú rẹ̀. Baba ní kí n sún sẹ́yìn, kí n sì wà ní ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Nínú idẹ tí a ń rí lónìí, bàbà àti sínkì ló pọ̀ jù, sínkì sì máa ń hó ní dígírì 907, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tí idẹ náà ti ń yọ́. Ẹni tó bá fa èéfín rẹ̀ símú yóò gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe lóru ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín nípa orúkọ. Òyìnbó ní orúkọ kan fún àdàlù bàbà àti tánńganran, ó sì ní òmíràn fún àdàlù bàbà àti sínkì. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi wà lórí orúkọ tí wọ́n fún àwọn iṣẹ́ Bìní, nítorí pé sínkì ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Yorùbá pe gbogbo rẹ̀ ní idẹ, wàhálà sì tán. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé òjé tó wà nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Bìní àtijọ́ bá ti mànílà mu, ìyẹn ẹ̀gbà ọwọ́ tí àwọn Pọtogí fi ń rajà ní etíkun wa, àti pé agbègbè odò Ráìnì ní ilẹ̀ Jámánì ni irin náà ti wá. Àlòkù ni àwọn baba ńlá wọn náà yọ́.

Bàbà gidi tí kò ní àdàlù ló le jù láti dà. Dígírì 1,085 ló tó máa yọ́, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra nínú iná, kì í sì í ṣàn wọ igun tóóró bí idẹ. Síbẹ̀, ìbòjú Ọbalùfọ̀n ti Ilé-Ifẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pátápátá, àwọn kan nínú orí Wúnmọníjẹ̀ sì rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo sọ èyí fún Baba, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Èmi kì í da bàbà lásán."

Ọmọkùnrin náà ki ọ̀pá irin bọ inú ìkòkò, ó sì fà á yọ. Idẹ díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Kò tíì tó. Ó tún dúró. Nígbà tó kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pá náà jáde ní mímọ́. Wọ́n ti ri amọ̀ náà mọ́ inú iyanrìn nígbà yìí, ó ṣì gbóná, ẹnu rẹ̀ ló kọjú sókè. Iyanrìn ni kò ní jẹ́ kí ìwúwo idẹ fọ́ ọ. Ó fi ẹ̀mú gbé ìkòkò. Ó bu ìfófòó kúrò lójú rẹ̀. Ó sì dà á.

Ìṣẹ́jú kan kò pé. Ó dà á láìdáwọ́ dúró, nítorí pé bí ó bá dúró, èyí tó ti wọlé yóò di awọ, èyí tó tẹ̀ lé e kò sì ní lè bá a pọ̀. Mo rí ìmọ́lẹ̀ pupa tó yọ ní ihò àgbọ̀n, lẹ́yìn náà ní ihò etí méjèèjì. Idẹ ti dé ibẹ̀. Ẹnu kún, ó sì dúró. Gbogbo wa tún mí.

Àwo pẹlẹbẹ

Wọn kì í fọ́ amọ̀ lóru ọjọ́ náà. Bí a ti ń dúró de ilẹ̀ mímọ́, Baba gbé àwo idẹ pẹlẹbẹ kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ òpó ààfin Bìní ní ìgbà àtijọ́, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ lọ ní ọdún 1897. Mo rò pé òun ló rọrùn jù, nítorí pé kò ní amọ̀ inú: ìda pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ́, wọ́n fi ìda mọ jagunjagun sí i lára, wọ́n sì fi irin tẹ àpẹẹrẹ ewé odò sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó.

Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro rẹ̀ wà. Orí róbótó, idẹ kún un láti ìsàlẹ̀ bọ̀. Àwo fẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́. Idẹ gbọ́dọ̀ rìn jìnnà kí ó tó dé igun, ó sì lè tutù kó tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà rẹ̀ fi máa ń pọ̀ ju ti orí lọ. Jagunjagun nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ohun tí a sọ nípa súnkì sì tún padà wá. Ó ní ẹni tó bá wo àwọn ti àtijọ́ dáadáa yóò rí ibi tí wọ́n ti lu, tí wọ́n fi ìda tuntun dí, tí wọ́n tún fi amọ̀ bò, tí wọ́n sì da idẹ mìíràn lé e. Wọn kò jù wọ́n nù.

Fífọ́ amọ̀

Láàárọ̀, ọmọkùnrin náà hú amọ̀ náà jáde. Bàbá rẹ̀ fún un ní òòlù, ó sì jókòó sórí àpótí.

Amọ̀ òde fọ́ ní ìpele ìpele. Okùn idẹ ọrùn ló kọ́kọ́ yọ, dúdú, ó rí ṣákálá. Lẹ́yìn náà etí kan. Lẹ́yìn náà ìlẹ̀kẹ̀. Kò yára. Nígbà tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó fi igi ha amọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó pé. Ó yí i padà, ó wo ọrùn. Ó pé. Ó fi omi fọ iwájú orí.

Kì í ṣe pé kò ní àbùkù. Ìwé idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láti ìpéǹpéjú dé àtàrí, níbi tí amọ̀ òde ti sán díẹ̀ nínú iná tí idẹ sì wọ inú sísán náà. Ihò wínníwínní mẹ́ta wà ní ẹ̀yìn etí. Ṣùgbọ́n ohun tó yọ síta ṣe é gé, ohun tó ṣófo ló le. Odindi ọjọ́ márùn-ún ni yóò fi gé àwọn okùn ọrùn pẹ̀lú ayùn, tí yóò fa ìṣó mẹ́jọ yọ, tí yóò dí ojú wọn, tí yóò ha amọ̀ inú jáde láti ọrùn, tí yóò sì fi irin ẹlẹ́nu mímú tún ìpéǹpéjú gbẹ́ kó tó dán an.

Baba gbé orí náà. Ó fi ìka gbá a, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì fi ìka kan rin inú rẹ̀ yíká láti ọrùn, ó ń wọn ara rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo bèèrè bóyá wọ́n lè da irú rẹ̀ kan sí i. Baba fi ẹsẹ̀ rọ́ àfọ́kù amọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó ní, "Ibo ni yóò ti wá? Ìda rẹ̀ ti lọ, amọ̀ rẹ̀ nìyí."

Ó gbé orí náà fún ọmọ rẹ̀ padà. Ó wọlé, ó sì gbé orí ìda kan jáde nínú abọ́ omi tútù, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ fún oníbàárà kan. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti pé, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti pé. Kò tíì ní ìṣó. Ó gbé e síwájú ọmọkùnrin náà, ó sì bọ́ sí ìta láti lọ wẹ ọwọ́.

Orí mẹ́ta yẹn ṣì wà lórí pákó nígbà tí mò ń lọ.